Fúláwà ọjọ́ méjì tàbí ti ọ̀sẹ̀ méjì: èwo ló yẹ kó wà ní sítọ̀?

ÌyáOníbúrẹ́dì_Àpáta
Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ fúláwà ni mo gbé wá. Béékírì wa ní Àpáta ń lo àpò 12 lójúmọ́, àpò 50 kílò, ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, ó máa ń tó 16 nítorí òde òpin ọ̀sẹ̀. Tẹ́lẹ̀, 100 àpò la máa ń kó wọlé lẹ́ẹ̀kan, a tiẹ̀ máa ń to díẹ̀ sí pálọ̀. Nígbà tí owó fúláwà gbéra sọ, mo ní kí alágbàtà wa máa gbé 40 wá, kó bá ku díẹ̀ kó tán ká tún sanwó òmíràn. Owó dẹ̀ mí lọ́rùn lóòótọ́, mo fi tún ààrò kejì ṣe.

Ibi tó ti ń dùn mí ni pé bí mo bá sanwó lónìí, ẹrù lè dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó sì lè di ọjọ́ kẹfà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ọjọ́ mẹ́ta ni. Bí kò bá dé, ààrò á tutù, àwọn ọmọ iṣẹ́ á jókòó, àwọn ìyá tó ń gbé búrẹ́dì kiri á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Sítọ̀ tí a ní báyìí kò gbà ju 80 àpò lọ. Ọmọ mi tó kàwé okòwò ní kí n má padà síbi kíkó ẹrù jọ, pé ẹrù tó dé lásìkò tí a fẹ́ lò ó ni ayé ń bá lọ. Bàbá wọn ní kí n padà kíá. Ẹ dákun, àpò mélòó ló yẹ kó ṣẹ́kù kí n tó sanwó òmíràn?

Alájàpá_Gbági
Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀

Màmá, ẹ gbọ́ tọkọ yín. Ọ̀nà tí ọmọ yín ń sọ yẹn, Tòyótà ló dá a sílẹ̀ ní Jàpáànì, níbi tí ọ̀nà ti dán, tí iná kì í lọ. Kò lè ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ kó ọ̀sẹ̀ méjì méjì nínú gbogbo nǹkan: fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, ọ̀rá. Ẹ máa sùn dáadáa.

ẸjaYìnyín_Bódìjà
Ọjọ́ Ajé, 7:31 àárọ̀

Ẹ má dá Alájàpá lóhùn o. Ní ti ẹja tiwa, ẹni tó bá kó páálí jọ ju èyí tó lè tà lọ́jọ́ mẹ́ta lọ, iná ni yóò jẹ èrè ẹ̀. Búrẹ́dì náà sì rèé, kì í pẹ́ hu. Ẹ má ṣe ju ohun tí àwọn oníbàárà bá ti bẹ̀ yín lọ.

ÌyáOníbúrẹ́dì_Àpáta
Ọjọ́ Ajé, 7:44 àárọ̀

Ẹ ṣeun, àǹtí, ṣùgbọ́n kì í ṣe búrẹ́dì tó ti jinná ni mò ń sọ. Ìyẹn kì í sùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Fúláwà inú àpò ni. Alájàpá, ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ àpò 144 sí 160. Kò sí ibi tí mo fẹ́ kó o sí.

Akọ̀wéSítọ̀
Ọjọ́ Ajé, 9:20 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ̀rọ̀ Tòyótà sọ́nà, torí ó kan ìbéèrè yín gan-an. Kì í ṣe ọ̀nà dídán ló ń gbé e ró, bí kò ṣe pé ọjọ́ tí ẹrù máa dé kì í yẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ wà nítòsí, wọ́n sì ń gbé díẹ̀díẹ̀ wá nígbà púpọ̀ lójúmọ́. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 1997, iná jó ilé iṣẹ́ Áísìn tó ń ṣe ẹ̀yà bíréèkì kékeré kan fún wọn. Ẹ̀yà yẹn tó wà nílẹ̀ kò ju èyí tí wọ́n á lò fún wákàtí díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Tòyótà fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2011, àwọn fúnra wọn ní kí àwọn tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fún wọn máa fi ti oṣù méjì sí mẹ́fà pamọ́. Nítorí náà, ọmọ yín kò parọ́, ọkọ yín náà kò parọ́. Nǹkan tí ọjọ́ dídé rẹ̀ bá dájú, ẹ lè jẹ́ kó máa dé bí ẹ ṣe ń lò ó. Èyí tí kò bá dájú, ẹ óò fi díẹ̀ pamọ́ fún un, iye tí ẹ óò fi pamọ́ sì ṣeé ṣírò.

Àwọn oníṣòwò ní ọ̀nà kan tó rọrùn: ẹ fi ọjọ́ tó burú jù lọ ṣe ìsọdipúpọ̀ iye tí ẹ ń lò lọ́jọ́ tó pọ̀ jù. 16 lọ́nà 6 jẹ́ 96. Ìyẹn ni pé kó tó ku 96 kí ẹ ti sanwó. Àléébù rẹ̀ ni pé ó rò pé gbogbo ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, lọ́sẹ̀ kan náà tí tírélà pẹ́ jù. Irú ẹ̀ kì í sábà ṣẹlẹ̀, sítọ̀ yín kò sì gbà á.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ wo bí nǹkan ṣe ń yẹ̀ sí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sanwó àti ọjọ́ tí ẹrù dé sílẹ̀ fún ogún ìgbà ó kéré tán, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, kí ẹ lo `STDEV` lórí iye ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì, òun ló ń sọ bí iye náà ṣe ń yẹ̀ tó. Láti inú ohun tí ẹ sọ, mo fi ojú bù ú pé dídé ẹrù jẹ́ ọjọ́ 3, ó ń yẹ̀ ní ìwọ̀n 1.2, lílò jẹ́ 12, ó ń yẹ̀ ní ìwọ̀n 2. Ohun tí ẹ óò tẹ̀ nìyí:

```
=1.65*SQRT(3*2^2 + 12^2*1.2^2)
```

Yóò gbé 24 àti díẹ̀ jáde, ẹ pè é ní 25. Ìyẹn ni àpò àfipamọ́. Ẹ fi 36 tí ẹ óò lò láàárín ọjọ́ mẹ́ta kún un, ó di 61. Bó bá ti ku 61, ẹ sanwó.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹ wò jù wà nínú ìṣirò yẹn. Nínú nǹkan méjì tí a so pọ̀, ti lílò jẹ́ 12 péré, ti dídé ẹrù lé ní 207. Bí ẹ bá sá gbogbo agbára tí lílò yín fi dọ́gba lójoojúmọ́, tí 2 yẹn di 1, ẹ ṣì máa nílò àpò 24. Bí dídé ẹrù bá sì dájú díẹ̀ sí i, tí 1.2 di 0.5, àpò 12 ló kù. Òde òpin ọ̀sẹ̀ kọ́ ló ń tú yín láṣìírí, ẹni tó ń gbé ẹrù wá ni.

Alájàpá_Gbági
Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀

Mo gba ti Tòyótà. Ṣùgbọ́n 1.65 yẹn, níbo lẹ ti rí i? Ta ló sọ pé ó tó?

Akọ̀wéSítọ̀
Ọjọ́ Ajé, 10:15 àárọ̀

Òun ló ń jẹ́ kí ẹrù tó nínú ìgbà 95 nínú 100. Bí ẹ bá fẹ́ ìgbà 99, ẹ fi 2.33 rọ́pò rẹ̀, àpò àfipamọ́ á di 35.

Olùṣirò_Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ Ajé, 12:48 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n AkọwéSítọ̀, ìṣirò yín pé, àmọ́ ẹ jẹ́ kí Màmá mọ ohun tí 95 yẹn túmọ̀ sí, torí ó máa ń tan èèyàn. Kì í ṣe ọjọ́ 95 nínú 100. Ìgbà tí a bá ra ẹrù ni. Béékírì yìí ń lo nǹkan bí 3,750 àpò lọ́dún. Bó bá ń ra 40, 40, yóò ra ẹrù tó ìgbà 94 lọ́dún. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà márùn-ún tí ààrò máa tutù. Ṣé ìyẹn tẹ́ Màmá lọ́rùn? Bó bá ń ra 100 lẹ́ẹ̀kan bíi tàtijọ́, ìgbà 38 péré ni yóò máa ra ẹrù, pẹ̀lú àpò àfipamọ́ 25 kan náà, ewu náà á wálẹ̀ sí bí ìgbà méjì. Ẹni tó bá ń ra díẹ̀díẹ̀ ló ń pàdé ewu léraléra. Ìdí nìyẹn tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Màmá kúrò ní 100 bọ́ sí 40, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alágbàtà náà ni, ọ̀nà náà sì ni.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ, kí Màmá fi tòótọ́ rọ́pò rẹ̀. Ká ní àpò kan jẹ́ ₦60,000, owó tí a yá sì ń gba èlé 30 nínú 100 lọ́dún. Láti kúrò ní 25 bọ́ sí 35, àpò mẹ́wàá ni a fi kún un: ₦600,000 tó dúró sójú kan, ₦180,000 lọ́dún. Ká tún ní èrè orí àpò kan, lẹ́yìn èlò àti dísù, jẹ́ ₦9,000. Ọjọ́ kan tí ààrò kò ṣiṣẹ́ gbé ₦108,000 lọ, a ò tíì ka owó ọmọ iṣẹ́. Tí àpò mẹ́wàá yẹn bá gbà yín lọ́wọ́ ọjọ́ méjì péré lọ́dún, ó ti san owó ara rẹ̀. Láti ìgbà márùn-ún sí ẹ̀ẹ̀kan, ó ju méjì lọ. Ẹ gbé e lọ sí 35.

Kí n má gbàgbé: ewu wà nínú kíkó ẹrù jọ náà. Bí owó fúláwà bá wálẹ̀ lójijì, ẹ̀yin tí ẹ ní èyí tí ẹ rà ní ọ̀wọ́n nílẹ̀ lẹ máa tà pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní pọ́ọ́kú.

ÌyáOníbúrẹ́dì_Àpáta
Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán

Ó yé mi díẹ̀díẹ̀. Ṣé 35 pẹ̀lú 36 wá jẹ́ 71? Kí n máa sanwó bó bá ku 71?

Akọ̀wéSítọ̀
Ọjọ́ Ajé, 1:52 ọ̀sán

Ó tọ́, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún sítọ̀ yín. Ẹ sanwó nígbà tó ku 71, ẹrù yá, ó dé lọ́jọ́ kejì. Ẹ ti lo 24, ó ku 47. 40 wọlé, ó di 87. Sítọ̀ 80 kò gbà á. Bí ẹ bá dín ìrà kan kù sí 30, ó wọlé ní 77, ṣùgbọ́n ìgbà 125 lẹ ó máa ra ẹrù lọ́dún, alágbàtà sì lè bínú sí kékeré. Bí ẹ bá dúró sórí 61 pẹ̀lú 40, 77 náà ni. Olùṣirò, ohun tí ìwọ ń sọ nípa ríra púpọ̀ dára, sítọ̀ ni kò jẹ́.

Olùṣirò_Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ Ajé, 2:10 ọ̀sán

Ẹ gba yàrá kan sí i. Owó ilé ní Àpáta kò tó owó tí ìdádúró ń gbé lọ.

AwakọTírélà_Ojóo
Ọjọ́ Ajé, 8:25 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìṣirò yín dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọjọ́ mẹ́fà yẹn ti ń wá, torí lójú ọ̀nà kọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà.

Láti Àpápá dé Ìbàdàn, bí express bá gbà, ìrìn àjò ọjọ́ kan ni. Tírélà kan ń gbé 600 àpò, ìyẹn tọ́ọ̀nù 30. Àpò 40 ti Màmá kò lè dá tírélà gbé. Ohun tí alágbàtà ń ṣe ni pé yóò gba owó Màmá, yóò gba ti béékírì kejì àti ìkẹta, títí tí yóò fi pé 600, kó tó sanwó sí ilé iṣẹ́ fúláwà. Bí ẹlòmíì bá pẹ́ san tirẹ̀, owó Màmá jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tírélà yóò tò láti kẹ́rù, ìyẹn lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì fúnra rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ ní kí awakọ̀ fi wébíìlì hàn yín. Ọjọ́ tí ẹrù jáde ní ilé iṣẹ́ wà lórí ẹ̀. Ẹ fi wé ọjọ́ tí àlẹ́ẹ̀tì owó yín wọ ọ̀dọ̀ alágbàtà. Bí ẹ bá sanwó lọ́jọ́ Ajé, tí wébíìlì jẹ́ ti Ọjọ́rú, tí ẹrù dé Ọjọ́bọ̀, ọ̀nà kò ṣẹ̀ yín. Ọ̀dọ̀ alágbàtà tàbí níbi tí tírélà ti ń tò ni ọjọ́ méjì ti ṣègbé.

Ti ọ̀nà tó wà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ni a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ inú oṣù tí ìsìn ńlá máa ń wà ní ìlú Rìdẹ́mpṣọ̀n, kí tírélà tó kọjá Mowe, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Ìparí ọdún àti àsìkò Iléyá náà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi àpò pamọ́ fún ní gbogbo ọdún. Ẹ wo kàlẹ́ńdà, kí ẹ sanwó ọjọ́ méjì ṣáájú lọ́sẹ̀ yẹn nìkan.

Akọ̀wéSítọ̀
Ọjọ́ Ajé, 9:01 alẹ́

Ọ̀rọ̀ Awakọ̀ yìí ni mo ń wá. Bí ìdádúró bá jẹ́ ti kíkó owó jọ, Màmá, ẹ bá alágbàtà sọ ọ́ báyìí: "Mo máa ń ra 40 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́ Ẹtì, owó máa wọlé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, láìyẹ̀." Ó kó 80 sínú ẹrù rẹ̀ kó tó wá àwọn yòókù. Bí ẹ ò bá yẹ̀, òun náà kò ní nǹkan tó fi yẹ̀. Béékírì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní Àpáta bá so ọjọ́ pọ̀, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alájàpá_Gbági
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹni méjì ló dáa. Kí Màmá ní alágbàtà kejì, kó máa ra ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá kùnà, ẹni kejì mọ̀ ọ́n lójú.

AwakọTírélà_Ojóo
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Bí àwọn méjèèjì bá ń gbé láti ilé iṣẹ́ kan náà, tí ilé iṣẹ́ bá dúró, àwọn méjèèjì dúró. Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti ń kẹ́rù kí ẹ tó pín in.

Olùṣirò_Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Ẹ sì ranti pé fúláwà ilé iṣẹ́ kan kì í mu omi bíi tìkejì. Ẹni tó ń po ó ní láti mọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí wàhálà dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ búrẹ́dì á le, tàbí kó rọ̀ jù. Àpò díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni kejì lóṣooṣù tó láti fi kọ́ ọwọ́.

Màmá_Ààrò_Chálẹ́ǹjì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:30 àárọ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo yín ń sọ fúláwà, ẹ gbàgbé ohun kékeré tó ń dá iṣẹ́ dúró jù. Àpò kan ń gba bíi pákẹ́ẹ̀tì yíìsì 500 gíráàmù kan, bó ti wù kó dín tàbí kó lé. Àpò 12 lójúmọ́, pákẹ́ẹ̀tì 12. Páálí kan jẹ́ 20. Páálí mẹ́wàá tó yín fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò gbà ju igun kan lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fúláwà. Kí ló fẹ́ fà á tí ènìyàn á fi jẹ́ kí yíìsì tán? Ọ̀rá tí a tẹ orúkọ sí tún ju ìyẹn lọ, torí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè dá ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, a ò sì lè yá ti béékírì míì lò. Ti oṣù kan ààbọ̀ ni kí ẹ ní nílẹ̀. Ìyẹn ni mi ò fi gba ọ̀sẹ̀ méjì tí Alájàpá pín fún gbogbo nǹkan: ó pọ̀ jù fún fúláwà, ó kéré jù fún ọ̀rá. Ẹyin ní tirẹ̀, ọjọ́ méjì ti tó, torí Bódìjà wà níbẹ̀.

Ẹ máa fọwọ́ kan pákẹ́ẹ̀tì yíìsì. Tó bá dára, yóò le bí búlọ́ọ̀kù. Èyí tó bá rọ̀ lọ́wọ́ ti gba afẹ́fẹ́, kò ní wú dáadáa, ẹ má dúró dìgbà tí gbogbo ìpò bá dùbúlẹ̀ sínú agolo.

Ti fúláwà tí ẹ ń fi pamọ́, ẹ gbé e sórí páléètì, kí ó tó ìwọ̀n ọwọ́ kan sílẹ̀, kó má kan ògiri, kí ọwọ́ àti ìgbálẹ̀ lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi máákà kọ ọjọ́ tó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ àpò kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń gbé e máa mú èyí tó pẹ́ jù. Ibi tí àpò àfipamọ́ ti ń bàjẹ́ nìyẹn: wọ́n á to tuntun sí iwájú, ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á wà níbẹ̀ títí. Ẹ wo ojú rírán àpò. Bí ẹ bá rí okùn bíi ti aláǹtakùn, tàbí kòkòrò pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń rìn níbẹ̀, ẹ gbé àpò yẹn jáde lójú ẹsẹ̀. Àpò 35 tó ń yí kò léwu. Èyí tí kò yí ni.

Alájàpá_Gbági
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Màmá. Mo gbà fún ti ọ̀rá. Ọ̀nà kan tún wà: kí Màmá Àpáta fi owó àpò 35 yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà, kí alágbàtà fi àpò náà sí sítọ̀ tirẹ̀ ní Ìbàdàn níbí. Ìṣòro yàrá tán nìyẹn.

Màmá_Ààrò_Chálẹ́ǹjì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:20 ọ̀sán

Lọ́jọ́ tí fúláwà bá wọ́n ní gbogbo Ìbàdàn, ṣé àpò yín ló máa jókòó síbẹ̀ fún yín? Ọjọ́ yẹn gan-an la fi í pamọ́ fún.

Alájàpá_Gbági
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:31 ọ̀sán

Bí ìwé bá wà láàárín wọn, tí ó jẹ́ ẹni tí ẹ ti ń bá ṣòwò tipẹ́, ó máa ń dúró.

Màmá_Ààrò_Chálẹ́ǹjì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán

Èmi ò ní fi ààrò mi lé ìwé lọ́wọ́.

ÌyáOníbúrẹ́dì_Àpáta
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:15 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ní kí wọ́n kó àwọn wébíìlì tó wà nílẹ̀ jáde. Nínú èyí tó pẹ́ jù, ọjọ́ tó wà láàárín àlẹ́ẹ̀tì àti wébíìlì pọ̀ lóòótọ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sórí 61 pẹ̀lú 40, kí n bá alágbàtà sọ ti Ìṣẹ́gun àti Ẹtì, kí n tó ronú yàrá. Ìbéèrè kan ló kù. Bí mo bá sanwó nígbà tó ku 61, tí ẹrù pẹ́, tí ó wá ku 30 ńkọ́? Ṣé kí n tún sanwó òmíràn lórí rẹ̀?

Akọ̀wéSítọ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:02 ọ̀sán

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe, Màmá. Àpò 61 yẹn, ẹ kò gbọdọ̀ ka ti sítọ̀ nìkan. Ẹ ka èyí tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ẹ ti sanwó rẹ̀ tí kò tíì dé. Lọ́jọ́ tí ẹ sanwó 40, iye yín di 101. Bí 30 bá ku nílẹ̀ tí 40 ṣì wà lọ́nà, iye yín jẹ́ 70, kò tíì tó àkókò. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá lo 12, ó di 58, ẹ sanwó, bí ti àkọ́kọ́ kò bá tilẹ̀ tíì dé. Ẹni tó bá ń ka ti ilẹ̀ nìkan yóò sanwó léraléra nígbà tí ẹrù bá pẹ́, gbogbo rẹ̀ á wá já lu sítọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kọ ọ́ sí pátákó ní ẹnu ọ̀nà sítọ̀, ìlà mẹ́ta: ti ilẹ̀, ti ọ̀nà, àpapọ̀. Kí ẹni tó bá gbé àpò jáde máa tún un kọ kó tó lọ síbi míkísà.

AwakọTírélà_Ojóo
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 alẹ́

Ẹ fi nọ́ńbà awakọ̀ kún pátákó yẹn. Ẹ máa pè é lọ́wọ́ alẹ́, kí ẹ bi í bóyá ó ti gba wébíìlì. Bí kò bá tíì gbà á títí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ má retí ẹrù lọ́jọ́ kejì.